Ajá Ń Bi Ilẹ̀ Léèrè: Ìdí Tí Ó Fi Ń Pòòyì Kó Tó Dùbúlẹ̀

Ní ẹ̀yìnkùlé wa, bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, ajá wa tí à ń pè ní Tanímọ̀la a máa lọ síbi tí a ti dáná. Iná ti kú nígbà náà, ṣùgbọ́n eérú ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Yóò rẹ imú sílẹ̀, yóò gbóòórùn eérú náà, yóò fi èékánná ẹsẹ̀ iwájú họ ọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lójú kan: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìgbà yẹn ni yóò tó wó sílẹ̀ bí ẹni tí ó ti oko ẹgàn dé, tí yóò ká kò bí òṣùká, tí yóò sì fi ìrù bo imú. Àwọn ọmọdé ilé a máa rẹ́rìn-ín. Èyí tó jẹ́ àbúrò pátápátá nínú wọn sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ìrù rẹ̀ ni ó ń lé, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tó o.

Kì í ṣe ìrù ni ó ń lé. Ibùsùn ni ó ń tẹ́. Àwa ènìyàn náà kì í kàn ṣubú lé ẹní: a ó gbọn ọ́n, a ó tẹ́ ẹ, a ó fi ọwọ́ pa ibi tó bá ká kò, a ó fi ọwọ́ lu ìrọ̀rí kí ó lè gba orí wa. Ajá kò ní ọwọ́ tí yóò fi tẹ́ ẹní. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ní, òun náà ni ó sì ń fi tẹ ilẹ̀ yíká títí ibi tí yóò sùn yóò fi gba ara rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin òǹkàwé ni pé ìpòòyì yẹn kò dá lórí ajá nìkan. Ó dá lórí ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ èyí lè wo iye ìgbà tí ajá rẹ̀ yí, kí ó sì fi mọ̀ bóyá ibùsùn ni kò dára ni, tàbí ara ajá náà ni kò le.

Ohun tí Darwin rí, àti ohun tí ó rú u lójú

Ní ọdún 1872, Charles Darwin, onímọ̀ ẹ̀dá ará Ìlú Ọba, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn àti ẹranko ṣe ń fi ohun tó wà nínú wọn hàn lójú àti lára. Nínú rẹ̀ ni ó ti mẹ́nu kan àṣà yìí. Ó ní bí ajá bá fẹ́ sùn lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí lórí ilẹ̀ líle, yóò yí po, yóò yí po, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ iwájú họ ilẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ tẹ koríko mọ́lẹ̀ kí ó sì gbẹ́ kòtò kékeré. Kò sí koríko kankan lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èrò Darwin ni pé àwọn baba ńlá ajá ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní pápá àti ní igbó, níbi tí koríko wà ní tòótọ́, àti pé àṣà náà bá ẹ̀jẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn tí ó ń gbé inú ilé.

Darwin kò fi mọ síbẹ̀. Ó ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ní ọgbà ẹranko ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láti mọ̀ bóyá àwọn ìbátan ajá ń ṣe irú rẹ̀. Ó rí i pé ajáko ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí koríko gbígbẹ tí wọ́n tẹ́ fún un. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kékeré aṣálẹ̀, èyí tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìkookò, àwọn olùtọ́jú náà ní àwọn ti ṣọ́ wọn fún oṣù bíi mélòó kan, àwọn kò sì rí i kí wọ́n pòòyì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí n sọ ọ́ kí ó yé wa: ìkookò tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ọdẹ wa máa ń pe orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn, tí ń fi eyín fọ́ egungun, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju iwájú lọ. Ìkookò ilẹ̀ òtútù ni, onírun eérú, tí ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà ti àríwá. Òun gan-an ni ajá ti ara rẹ̀ wá. Ó kéré tán, ó ti tó ọdún 15,000 tí àwọn kan lára wọn ti ń bá ènìyàn gbé. Ní Oberkassel, lẹ́bàá ìlú Bonn ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n hú sàréè kan jáde ní ọdún 1914 níbi tí wọ́n sin ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ajá sí. Sàréè náà ti pé nǹkan bí ọdún 14,000.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìkookò fi ya Darwin lẹ́nu. Bí ajá bá jogún ìpòòyì lọ́wọ́ baba rẹ̀, kí ló dé tí baba kò ṣe é lójú àwọn tó ń ṣọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kí a gbé ìbéèrè yìí sápá kan ná. A ó padà wá bá a.

Ibùsùn ẹni tí kò nílé

Ẹ ro ti ẹranko tó fẹ́ sùn nínú koríko tó ga dé orúnkún ènìyàn. Bí ó bá kàn ṣubú sí i, pòròpórò koríko yóò máa gún un nínú, kùkùté igi yóò máa tì í ní ìhà, kò sì mọ ohun tó sá pamọ́ sísàlẹ̀. Ìgbà tí ó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, koríko yóò dùbúlẹ̀ sí ọ̀nà kan. Ní ìyípo kejì, yóò wọ ara wọn bí ẹní tí a hun. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan gbogbo ojú ibẹ̀ kí ikùn rẹ̀, tí irun rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó kàn án. Bí òkúta bá wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí ejò tàbí àkeekèe bá wà níbẹ̀, ìró ẹsẹ̀ yóò lé e, tàbí kí ajá rí i lójú ìdúró, nígbà tí ó ṣì lè fò sẹ́yìn.

Ìyípo náà tún ń bá ara ajá ṣe nǹkan. Bí ajá bá ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọrun. Nígbà tí yóò bá wólẹ̀, ara rẹ̀ ti ká tán: imú ti súnmọ́ ìrù, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ abẹ́ ikùn. Ní ilẹ̀ òtútù, bí ìkookò ṣe ń la òru kọjá nìyẹn. Yóò họ yìnyín díẹ̀, yóò ká kò sínú kòtò náà, yóò fi ìrù onírun bo imú, yóò sì sùn nínú òtútù tí omi ń dì gbagidi. Àwọn ajá tí ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín ní Alásíkà ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ooru ni wàhálà. Ajá kì í làágùn káàkiri ara bí ènìyàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni òógùn rẹ̀ ń gbà jáde, èyí tó kù ni pé kí ó yọ ahọ́n síta kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nítorí náà, lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí i pé ajá kì í kàn pòòyì lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń họ ilẹ̀ pẹ̀lú. Iyẹ̀pẹ̀ òkè ti gbóná, tìsàlẹ̀ ṣì tutù. Tútù yẹn ni ó ń wá fún ikùn rẹ̀. Tí ó bá di òru ọyẹ́, ajá kan náà yóò lọ wá eérú gbígbóná. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ kò yí padà. Ohun tí ó ń wá nínú ilẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé: ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ńkọ́? Kò sí koríko níbẹ̀, ẹsẹ̀ kò lè họ ọ́, síbẹ̀ ajá kan yóò yí po lórí rẹ̀ kó tó sùn. Bẹ́ẹ̀ ni. Àṣà tí a bí mọ́ ẹranko kì í dúró de ìgbà tí yóò wúlò kó tó jáde. Konrad Lorenz, ará Ọ́síríà tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1973 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwà ẹranko, kọ nípa ẹyẹ kékeré kan tí ó fi ọwọ́ tọ́ dàgbà nínú ilé. Ẹyẹ náà kò pa eṣinṣin jẹ rí láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbójú sókè nínú yàrá tí kò sí eṣinṣin kankan, ó fò, ó ṣe bí ẹni tó fi ẹnu hán nǹkan, ó padà sórí ibi tí ó máa ń bà lé, ó gbá ohun tí kò sí mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa á, ó sì gbé e mì. Gbogbo ètò ọdẹ pé, ẹran nìkan ni kò sí. Bí ti ajá orí sìmẹ́ńtì ṣe rí nìyẹn. Ọmọ ajá tí a bí sínú yàrá, tí kò fojú kan igbó rí, yóò yí po láìsí ẹni tó kọ́ ọ.

Ilẹ̀ rírún àti ilẹ̀ títẹ́jú

Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń ti ajá, a jẹ́ pé bákan náà ni yóò máa pòòyì níbi gbogbo. Stanley Coren, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì British Columbia ní ilẹ̀ Kánádà, tí ó ti kọ ìwé púpọ̀ lórí ajá, fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó kó ajá ilé 62 jọ. Ó mú wọn wọ ibì kan tí a sé mọ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró títí ajá yóò fi dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Nígbà mìíràn wọ́n ti rún kápẹ́ẹ̀tì onírun jọ, ó ṣe gọ́ńgọ́ ó ṣe kòtò. Iṣẹ́ olùṣọ́ kò ju pé kí ó wò bóyá ajá yí po pérépéré, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kó tó sùn.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ajá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yí po. Lórí ilẹ̀ rírún, ó di 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì nínú iye yìí. Àkọ́kọ́, àwọn kan yí po lórí ilẹ̀ tí kò ní àbùkù, èyí sì bá ohun tí mo sọ nípa àṣà àbímọ́ni mu. Ìkejì, ọ̀pọ̀ ajá ni kò yí rárá níbi tí kò ti sí ohun tí a ó tún ṣe. Ajá 62 kò pọ̀, mi ò sì ní sọ pé ìdánwò kan ṣoṣo ti parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn kò ṣòro láti rí: ajá ń bi ilẹ̀ léèrè. Bí ilẹ̀ bá dá a lóhùn dáadáa, kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ padà sí ìkookò Darwin. Lójú tèmi, kò pọn dandan kí a sọ pé ìkookò kò ní àṣà náà. Ẹranko tí a sé mọ́ inú ọgbà, tí ó ń sùn sójú kan náà lálaalẹ́ fún oṣù púpọ̀, ti tẹ ibùsùn rẹ̀ títí ó fi gba ara rẹ̀ bí bàtà àtijọ́ ṣe ń gba ẹsẹ̀. Kí ni yóò tún máa tẹ́? Tanímọ̀la náà jẹ́rìí sí i. Lórí eérú tí afẹ́fẹ́ ti tú ká, ó lè yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ó ti sùn títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi jin bí àwo, yóò kàn dé ni, yóò sì wólẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè dán an wò nílé yín. Ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ tàbí aṣọ àlòkù sílẹ̀ kí ó tẹ́jú dáadáa níbi tí ajá yín máa ń sùn, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ó yí fún alẹ́ márùn-ún. Ní alẹ́ márùn-ún mìíràn, ẹ rún aṣọ kan náà jọ sí ojú kan náà. Ẹ má pè é, ẹ má sì wò ó lójú, nítorí ajá tí olúwa rẹ̀ bá ń wò lè dìde wá bá a. Iye tí ẹ bá kọ sílẹ̀ lórí aṣọ títẹ́jú ni ìwọ̀n ajá yín. Ẹ fi í pamọ́, ó ní ọjọ́ tí yóò wúlò.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbé kiri, pé àríwá ni ajá ń wá bí ó bá ń pòòyì. Ìwádìí kan wà lóòótọ́ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì àti Jámánì jùmọ̀ ṣe, tí ó sì jáde ní ìparí ọdún 2013. Ajá 70 ni wọ́n ṣọ́ fún ọdún méjì, wọ́n sì sọ pé nígbà tí agbára òòfà ilẹ̀ ayé bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, àwọn ajá náà máa ń kọjú sí àríwá tàbí gúúsù. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ajá ń yàgbẹ́ tàbí tí ó ń tọ̀ ni wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ oorun kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ìyípo bá di àmì àìsàn

Darwin sọ ohun kan sí i nínú ìwé yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan rí ajá kan tí orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé, tí ó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá gbáko lórí kápẹ́ẹ̀tì kó tó sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá lórí ilẹ̀ tí kò ní gọ́ńgọ́ tàbí kòtò! Nígbà tí ilẹ̀ bá ti dáhùn tán, tí ajá ṣì ń béèrè, ó yẹ kí a yí ojú kúrò lára ilẹ̀, kí a wo ajá.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni ìrora oríkèé. Ajá tó ti dàgbà, pàápàá àwọn ajá ńlá bíi Jámánì Ṣẹ́pádì tí egungun ìbàdí wọn kì í sábà jókòó dáadáa, a máa ní làkúrègbé bíi ti ènìyàn. Yóò yí, yóò tẹ orúnkún bí ẹni fẹ́ wólẹ̀, yóò tún dìde, yóò tún yí. Ìgbà tí yóò bá sì dùbúlẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. Láàárọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò le, títí tí yóò fi rìn díẹ̀. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni ìtẹ̀-dìde yẹn: ajá tí ara rẹ̀ le kì í bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀ kó tún yí ọkàn padà. Ibùsùn tó nípọn, tí kò sì rì jù, yóò ràn án lọ́wọ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò. Aibuporofíìnì àti parasitamọ́ọ̀lù lè pa ajá.

Èkejì ni ìyípo ọ̀nà kan ṣoṣo. Ajá tó ń tẹ́ ibùsùn a máa yí síhìn-ín, a sì máa yí sọ́hùn-ún. Bí tiyín bá ń yí sí ọ̀tún nìkan tàbí sí òsì nìkan, tí orí rẹ̀ ṣe gẹ̀gẹ́, tí ẹyinjú rẹ̀ ń fò sọ́tùn-ún sósì, tí ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, inú etí tàbí ọpọlọ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lójijì lára ajá àgbà. Ìrísí rẹ̀ ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ ogbó lásán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ara wọn máa ń balẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dókítà nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwà ajá yí padà lójijì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí ó ń bu ohun gbogbo jẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi.

Ìyípo kan ṣì wà tí kì í ṣe àìsàn, ti abo ajá tó fẹ́ bímọ. Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni oyún ajá. Bí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò máa pòòyì, yóò máa họ igun ilé, yóò máa fa aṣọ ya, kò ní lè dùbúlẹ̀ pẹ́. Ara rẹ̀, tí ó máa ń gbóná tó ìwọ̀n 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, yóò lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 37 nígbà tí ó bá kù bí ọjọ́ kan kó bí. Ohun kan náà tí ó ń ṣe fún ara rẹ̀ lálaalẹ́ ni ó ń ṣe fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Ẹ fún un ní àpótí àti aṣọ tí kò níyì lójú yín, kí ẹ sì jìnnà sí i díẹ̀.

Nítorí náà, bí ajá bá ń pòòyì, ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì tì í mọ́lẹ̀ pé kí ó tètè sùn. Ẹ jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ òun àti ilẹ̀. Kí ẹ ṣáà ti mọ iye tí tiyín máa ń yí lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta láti kékeré, tí ó wá di mẹ́wàá lórí ẹní kan náà, kò gbàgbé bí a ti ń sùn o. Nǹkan ń dùn ún. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.